Ẹ̀rọ Kan, Ìṣirò Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iléeṣẹ́ piọ wọ́tà kan ra ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá ní ₦6,000,000 níbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2021. Wọ́n fojú bù ú pé yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, pé yóò di 10,000,000 ọ̀rá omi, àti pé bó bá gbó tán, wọn á ṣì tà á ní ₦1,000,000. Ìparí oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tà á, ní ₦2,800,000. Ṣé èrè ni àbí òfò?

Ìṣirò tó rọrùn jù ni ti ọgbọọgba. Yọ ₦1,000,000 kúrò nínú ₦6,000,000, kí o pín ìyókù sọ́nà 5: ₦1,000,000 lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún méjì àti ààbọ̀, ₦3,500,000 ló kù nínú ìwé, òfò ₦700,000 sì ni títà náà. Oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ló máa ń bọ́ sọnù. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò kọ òfò ₦1,200,000, bẹ́ẹ̀ ₦500,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe òfò títà rárá. Gbígbó ẹ̀rọ ni.

Ìṣirò kejì gbà pé ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì tuntun ni iye rẹ̀ ń já jù. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọgbọọgba lọ́dún. Èyí sọ ọ́ di 40, ó sì ń yọ ọ́ lára iye tó kù nínú ìwé, láìkọ́kọ́ yọ ₦1,000,000 ìgbẹ̀yìn. Kò kàn gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ₦1,000,000 náà lọ. Ọdún kìíní kó ₦2,400,000 lọ, ọdún kejì ₦1,440,000. Ó ku ₦2,160,000. Ìdá 40 rẹ̀ jẹ́ ₦864,000, oṣù mẹ́fà sì gba ìdajì, ₦432,000. Ó ku ₦1,728,000. Ẹ̀rọ yìí kan náà wá mú èrè ₦1,072,000 wá!

Ìṣirò kẹta kò bi kàlẹ́ńdà, iṣẹ́ ló ń wò. Gbogbo ọ̀rá tó bá dì ń jẹ 50 kọ́bọ̀ nínú iye rẹ̀. Bó bá ti di 6,600,000 kí wọ́n tó tà á, ₦3,300,000 ti lọ, ₦2,700,000 ló kù: èrè ₦100,000. Èmi á yan èyí fún piọ wọ́tà, torí ọjà wọn ń yá lẹ́ẹ̀rùn, ó sì ń fà lójò. Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó ń ka ọ̀rá lójoojúmọ́, kò wúlò. Ẹ̀rọ tó dúró láìṣiṣẹ́ náà sì lè dípẹtà láìjẹ́ pé ìwé mọ̀.

Ní báńkì, kò sí ìyàtọ̀: ₦6,000,000 jáde, ₦2,800,000 wọlé, ẹ̀rọ jẹ ₦3,200,000. Ọgbọọgba kọ ₦2,500,000, ó fi òfò ₦700,000 kún un. Ìkejì kọ ₦4,272,000, ó fi èrè dá ₦1,072,000 padà. Ìkẹta kọ ₦3,300,000, ó dá ₦100,000 padà. Ọdún tí ẹrù ń bọ́ sí nìkan ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín alájọṣe: ẹni tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2023 yóò pín nínú èrè ₦1,072,000 tí àwọn tó wà níbẹ̀ ní 2021 àti 2022 ti fi èrè tiwọn san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.