Bí Íńtígírà Gámà Ṣe Mú Fakitóríà Kọjá Odidi Nọ́ńbà

Gbogbo wa mọ̀ pé 3! jẹ́ 3 × 2 × 1. Kí wá ni ½!? Ìsọdipúpọ̀ kò lè dáhùn, nítorí pé láti ½, a kò lè máa yọ 1 kúrò kí a sì bọ́ sórí 1. Íńtígírà ni Leonhard Euler fi dáhùn nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Goldbach ní 1730. Lónìí, a ń kọ ọ́ báyìí:

Γ(x) = ∫₀^∞ t^(x−1) e^(−t) dt

Ààlà òkè rẹ̀ kò lópin. A ó kọ́kọ́ fi b dípò rẹ̀, kí a tó jẹ́ kí b máa pọ̀ láìdúró. Ìyára tí e^(−t) fi ń kéré ni ó jẹ́ kí agbègbè náà ní iye. Ìhà 0 ni ewu wà: bí x bá jẹ́ 0, a ó bá 1/t pàdé níbẹ̀, agbègbè yóò sì di aláìlópin. Nítorí náà, x > 0.

Bí a bá ṣe íńtígírà náà ní apá-apá, a ó rí i pé:

Γ(x+1) = [−t^x e^(−t)]₀^∞ + xΓ(x)

Òfo ni ohun tí ó wà nínú àkámọ́ ní ìhà méjèèjì. Ó ku Γ(x+1) = xΓ(x), ìwà fakitóríà gan-an. Γ(1) jẹ́ 1; nípa bẹ́ẹ̀ Γ(2) = 1, Γ(3) = 2, Γ(4) = 6, èyí tí í ṣe 3!, kì í ṣe 4! (ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà jù).

Ní ti ½!, Γ(3/2) ni, ìyẹn ½Γ(½). Bí a bá fi u² dípò t, Γ(½) yóò di 2∫₀^∞ e^(−u²) du, tí iye rẹ̀ jẹ́ √π. Ìdáhùn wa ni √π/2, nǹkan bí 0.886.