Fáàtì Ń Gun Orí Owó Iṣẹ́, Owó-Orí Àyọsílẹ̀ Ń Jáde Nínú Rẹ̀

Tí ẹgbẹ́ aláàánú bá ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, owó-orí méjì ló sábà máa ń dà wọ́n lórí rú. Wọ́n á fi fáàtì, ìyẹn owó-orí ọjà, kún owó iṣẹ́ ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á tún wá fi owó-orí àyọsílẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́ tọ́. Ìkejì kò tọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ kan n'Íbàdàn fẹ́ gba ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn láti wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Owó iṣẹ́ jẹ́ 2,000,000 náírà, fáàtì rẹ̀ jẹ́ 150,000. Ohun tó máa wà nínú ìwé owó ni 2,150,000 náírà, iye náà sì ni kí ẹ kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi kọ́bọ̀ lé e, ẹ má yọ kọ́bọ̀ kúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sanwó ni owó-orí àyọsílẹ̀ tó dé. Fún irú iṣẹ́ yìí, ìdá 5 ni. Orí 2,000,000 la ti ń ṣírò rẹ̀, nítorí a kì í yọ ọ́ lórí fáàtì. Ẹgbẹ́ á yọ 100,000, á san án fún ìjọba lórúkọ ilé-iṣẹ́ náà, á sì fún wọn ní 2,050,000 tó kù. Fáàtì wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa fi jíṣẹ́ fún ìjọba. Owó-orí tiwọn náà ni 100,000 yẹn. Wọ́n á fi dín owó-orí èrè wọn kù.

Ẹni tó wo ìwé báńkì, tó wá kọ 2,050,000 sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ti wá wàhálà. Nígbà tí owó ìjọba bá tó san, kò ní sí nǹkan kan mọ́ nínú ìlà náà. Bí ẹ bá rí ìlà tí ìnáwó rẹ̀ fi ìdá 5 owó iṣẹ́ gan-an ju bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àfi tí olùdámọ̀ràn bá sọ pé 2,000,000 gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ òun lẹ́yìn àyọsílẹ̀. Nígbà náà, owó iṣẹ́ ti di 2,105,263 náírà, ìyẹn 2,000,000 tí a fi 0.95 pín, fáàtì á sì gun orí èyí. Ẹgbẹ́ ló ń bá a san owó-orí rẹ̀ yẹn o! Èmi ò ní gbà.

Fáàtì ní tirẹ̀ di ìnáwó ẹgbẹ́ torí pé ẹgbẹ́ ò ta ọjà tó máa fi gbà á padà. Oníṣòwò tó ń gba fáàtì lọ́wọ́ oníbàárà lè yọ èyí tó san nínú èyí tó gbà, nítorí náà, iye tí kò ní fáàtì ló yẹ kó kọ ní tirẹ̀.

Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà bóyá fáàtì ti wà nínú iye tó dá. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi 1.075 pín in kí ẹ tó rí owó iṣẹ́ gan-an.