Títúmọ̀ Èsì Rìgìrẹ́ṣàn Nínú Àwòrán Ojú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé R Square kékeré àti Sig. kékeré tako ara wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a lo àpẹẹrẹ tí àwa fúnra wa ṣẹ̀dá: owó ilé ọdọọdún fún yàrá 40 ní Agbowó, ní ẹgbẹ̀rún náírà, àti iye ìṣẹ́jú tí a fi ń rìn láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. SPSS gbé èyí jáde:

```
            B    Std. Error     t     Sig.
iseju    -2.400     .800     -3.000   .005
R Square = .192
```

B fi hàn pé bí ìrìn bá fi ìṣẹ́jú kan gùn sí i, owó ilé a máa dín ní 2,400 náírà ní ìpíndọ́gba. Std. Error ń sọ bí iye yìí ṣe lè yí padà tó bí a bá mú yàrá 40 mìíràn. Nítorí náà, a lè fojú díwọ̀n ìdínkù náà sí àárín nǹkan bí 800 sí 4,000 náírà. Bí a bá fi Std. Error pín B, t ni a gbọ́dọ̀ rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ti ṣi àwòrán náà kà.

R Square sọ pé ìrìn ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó àwọn yàrá náà. Omi, iná àti àwọn nǹkan mìíràn tí a kò wọ̀n ló ni ìyókù.

Ní ti Sig., ká ní kò sí ìbátan rárá, èsì tó jìnnà sí òdo tó báyìí yóò wáyé ní nǹkan bí ìgbà 5 péré nínú 1,000. Kò fi hàn pé ìrìn ló fa ìdínkù náà.

Nítorí náà, ẹ̀rí pé ìbátan wà lágbára, ṣùgbọ́n a kò lè tipa ìrìn nìkan mọ owó yàrá kan pàtó.