Bí A Ṣe Tún Ìnáwó Ilé Wa Kọ ní Àárín Ọdún

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra wọn pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 lítà kan ní Ìbàdàn ti gun ₦500. Owó oṣù èmi àti baálé mi kò kúrò lójú kan: ₦165,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ètò ìnáwó tí mo ti kọ láti oṣù kìíní di ìwé lásán.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lórí ohun gbogbo. Lójú mi, kò sí ojúsàájú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ọkọ̀. Kí oṣù kẹfà tó pé ogún ọjọ́, ìrẹsì ilé ti tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo mílíìkì rà á ní ìsọ̀ àdúgbò, ₦220 agolo kan. Nígbà tí mo wọn kóńgò kan wò nílé, agolo mẹ́wàá ló gbà. Èmi tí mo ní mò ń ṣọ́wó ná ń san ₦2,200 lórí ohun tí wọ́n ń tà ní ₦1,800 lọ́jà Bódìjà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti baálé mi jókòó ti ìwé tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò kọ owó rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Iye ohun tí à ń lò la kọ: kóńgò mélòó, lítà mélòó, wíwọ ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀melòó. Lẹ́yìn náà la wá kọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́sẹ̀ náà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ìṣirò ìjọba fún oṣù kẹfà ọdún náà sọ pé oúnjẹ fi ìdá 25.25 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ti gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn. Nínú ilé tiwa, oúnjẹ kúrò ní ₦60,000, ó di ₦71,000. Owó ọkọ̀ àwa méjèèjì kúrò ní ₦17,600, ó di ₦30,800. Ogójì lítà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ń mu lóṣù kúrò ní ₦7,600, ó di ₦20,000. Gbogbo àlékún náà jẹ́ ₦36,600, ohun tí mo sì rò pé ó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fò sókè jù.

Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ la kọ́kọ́ dojú kọ. Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi sílẹ̀ fún un, wákàtí kan lálẹ́, kí àwọn ọmọ lè kàwé kí fóònù sì gba iná. Àlékún ti ibẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀gá baálé mi gbà kí wọ́n máa ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ₦4,000 sì wọlé padà.

Ti ìrẹsì gba ìrònú díẹ̀. Láti Mọ́níyà tí à ń gbé, ₦600 ni àlọ àti àbọ̀ Bódìjà. Ẹni tó bá lọ ra kóńgò kan ti pàdánù, nítorí ₦400 péré ni èrè orí kóńgò. Ó di kóńgò méjì kí ìrìn náà tó mú nǹkan wá. Mẹ́jọ là ń jẹ lóṣù, nítorí náà mo ń ra mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù bá wọlé, ₦2,600 sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ọkọ̀. A dín mílíìkì, ṣúgà àti búrẹ́dì kù, ìyẹn mú ₦6,000 wá.

Síbẹ̀ ó ku ₦11,500. Mo wo ₦10,000 tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi. Baálé mi kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń yí gègé lọ́wọ́. Èmi náà mọ̀ pé ọjà Màmá kò rọ̀ ju tiwa lọ. A fi owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Àjọ la dín kù, láti ₦13,000 sí ₦3,000, a sì yọ ₦1,500 tó kù lára owó fóònù.

Àjọ yẹn ni à bá fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún àkọ́bí wa obìnrin ní oṣù Kejìlá. Èmi ni mo sọ fún un. Ó béèrè pé ṣé yóò tó ọdún kan sí i, mo ní mi ò lè ṣèlérí.

Ní àárín oṣù keje, epo tún gbéra, ó kọjá ₦550. A mú ìwé náà jáde. Iye lítà àti iye ìrìn ti wà níbẹ̀, kìkì owó iwájú wọn la pa rẹ́, a sì tún un kọ. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.