Àbẹ̀wò 8,000: Mélòó Ló Dúró?

Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ó sì ní ìkànnì lórí ayélujára. Ọmọkùnrin tó ń bá a bójú tó ìkànnì náà ya àwòrán ojú-ewé Google Analytics, ó fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù. Ohun méjì ló hàn níbẹ̀ fún ọjọ́ 28: Sessions jẹ́ 8,000, Bounce rate sì jẹ́ 62%. Ní ọjọ́ 28 tó ṣáájú, 5,000 àti 45% ni wọ́n. Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ kú oríire o, Mà, èrò ti ń ya wọlé!”

Kí Màmá tó dúpẹ́, ó yẹ kó mọ ohun tí wọ́n kà. Session kan jẹ́ àbẹ̀wò kan, kì í ṣe èèyàn kan. Ẹni tó wo aṣọ láàárọ̀, tó tún padà wá lálẹ́, ti di àbẹ̀wò méjì, nítorí pé bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan, àbẹ̀wò ti parí nìyẹn.

Bounce rate ló ń sọ iye àbẹ̀wò, nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ pé èèyàn kàn yọjú ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àbẹ̀wò tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kò sí lára wọn. Èyí tí àlejò ti ṣí ojú-ewé kejì kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ti ṣe ohun pàtàkì tí oníìkànnì yàn sílẹ̀, bíi kó ra ọjà. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Ìlànà yìí kọ́ ni wọ́n ń lò nínú Google Analytics àtijọ́, tó ṣíwọ́ gbígba àbẹ̀wò tuntun lóṣù Keje ọdún 2023. Nígbà yẹn, ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú ka ojú-ewé kan ṣoṣo lè bọ́ sínú bounce. Nítorí náà, a kì í gbé àwòrán ọdún 2021 síwájú ti òní ká wá máa fi wọ́n wéra.

Ó wá yá, ká ṣírò. Bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àbẹ̀wò bá yọjú lásán, 55 ló dúró. 55% nínú 5,000 jẹ́ 2,750. Lọ́tẹ̀ yìí, 38% nínú 8,000 ló dúró, ìyẹn 3,040. Àbẹ̀wò fi 3,000 lé sí i, ṣùgbọ́n èyí tó dúró kò fi ju 290 lọ lé sí i. Níbo ni ìyókù ti wá?

Àwòrán àkọ́kọ́ kò lè dáhùn, torí àròpọ̀ ni. Kí Màmá béèrè fún èyí tó pín àbẹ̀wò sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Ká ní ohun tó rí nìyí: Organic Search, ìyẹn àwọn tó wá a kàn lórí Google, kúrò ní 3,000 sí 3,100, bounce rẹ̀ sì dúró sí 40%. Organic Social, ti Fesibúùkù àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kúrò ní 1,000 sí 1,100, òun náà kò kúrò ní 55%. Direct ló fò láti 1,000 sí 3,800, tí bounce rẹ̀ sì kúrò ní 50% bọ́ sí 82%. Àwọn oníbàárà tó ti ń wá tẹ́lẹ̀ kò yí ìwà padà. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ariwo ti wá.

Inú Direct ni wọ́n ń kó gbogbo ẹni tí Google Analytics kò mọ ibi tó ti wá sí. Ẹni tó tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù sábà máa ń bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń rìn káàkiri ayélujára láìsí èèyàn nídìí rẹ̀ náà sì ń bọ́ síbẹ̀. Google ń yọ àwọn ẹ̀rọ tó bá dá mọ̀ kúrò, ṣùgbọ́n àwọn míì ń yọ́ wọlé. A lè fi ìṣesí dá wọn mọ̀. Èrò Wáásáàpù sábà máa ń balẹ̀ sórí aṣọ kan pàtó, lórí fóònù, láti ìlú tí Màmá ń tajà sí, wọ́n sì máa ń dín kù lóru. Bó bá jẹ́ pé ojú-ewé àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn ń balẹ̀ sí, láti ìlú kan ṣoṣo tí kò ní oníbàárà kankan níbẹ̀, tí iye wọn ní aago mẹ́ta òru kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, tí àkókò tí wọ́n lò sì jẹ́ òdo, ó jọ pé ẹ̀rọ ni. Kí ọmọkùnrin náà yọ ìlú yẹn kúrò nínú ìṣírò, kó tó tún sọ pé ọjà gbòòrò.

Ohun kan ṣì kù tí kò yẹ ká fojú fò. Oníbàárà tó wọlé, tó rí nọ́ńbà Màmá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, tó sì pè é lójú ẹsẹ̀, bounce ni wọ́n máa kà á sí, àyàfi bí wọ́n bá ti yan títẹ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́ bí ohun pàtàkì. Nítorí náà, kí Màmá gbé ìwé tó ń kọ ìpè àti owó tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà. Bí ìpè bá pọ̀ sí i lóṣù tí bounce ga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ètò kíkà ló ní àléébù, kì í ṣe ọjà.