Ìdí Tí Owó Tó Wọ Àkáǹtì Yín Kò Fi Tó Iye Tí Wọ́n Pè Nígbà Ìgbàsíṣẹ́

Wọ́n ní iṣẹ́ náà ń san ₦2,400,000 lọ́dún. Ẹ ti fi oṣù méjìlá pín in, ẹ sì ti fọkàn sí ₦200,000. Oṣù parí, ₦145,550 ni báńkì fi tó yín létí. Ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ ká bá òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni kan tẹ̀ lé owó náà.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé lóṣooṣù. Owó ìsinmi àti owó oṣù kẹtàlá wà nínú iye yẹn, àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦300,000, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń san án. Èyí tó kù, tí a bá pín in, jẹ́ ₦175,000 lóṣù.

Lẹ́yìn náà ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ sì dá 10. Ó kéré tán, orí àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ lé. Ti òṣìṣẹ́ wa yìí jẹ́ ₦150,000 lóṣù, nítorí náà ₦12,000 ni wọ́n yọ. Owó tirẹ̀ náà ṣì ni. Ṣùgbọ́n àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń ka ìdá 10 tiwọn mọ́ iye tí wọ́n ń polówó. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Owó orí ló kàn. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ẹ mú ₦2,400,000, ẹ yọ ₦144,000 ìfẹ̀yìntì. Òṣìṣẹ́ wa ń san ₦300,000 fún ilé tó ń gbé, òfin sì gbà kí ìdá 20 rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦60,000, kúrò pẹ̀lú. Ó ku ₦2,196,000. Ẹ yọ ₦800,000 náà, ₦1,396,000 ló ṣẹ́ kù láti bu owó orí lé. Owó orí ọdún náà jẹ́ ₦209,400, tí í ṣe ₦17,450 lóṣù.

₦175,000, ẹ yọ ₦12,000 àti ₦17,450: ₦145,550 náà nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í mú rìsíìtì owó ilé lọ fún akáǹtáǹtì. Ká ní ẹni tiwa yìí kò mú un lọ, owó orí rẹ̀ ì bá fi ₦750 lé sí i lóṣooṣù.

Ibi tí jìbìtì ti sábà máa ń wà ni owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n yọ tí kò dé ibi tó ń lọ. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá sanwó oṣù ló yẹ kó ti dé. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó oṣù. Oṣù tí ìwé owó oṣù fi hàn pé wọ́n yọ owó, tí àkáǹtì kò sì ní nǹkan kan fún un, ẹ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ nípa rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.