Omi Jíìkì Inú Bókẹ́ẹ̀tì: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ̀kọ́ Ọ̀sílíárì Nọ́ọ̀sì Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ènìyàn bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn aládàáni kékeré lálẹ́, ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, ọ̀sílíárì nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ọmọbìnrin tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni púpọ̀ nínú wọn, tí àwọn òbí wọn mú lọ bá dókítà pé kó kọ́ wọn níṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò kà wọ́n mọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan tí gbogbo wọn ń kà. Ohun tí mátírọ́ọ̀nù ibi tí wọ́n wà bá mọ̀ ni wọ́n ń bá lọ. Síbẹ̀, àwọn yìí náà ló ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń da ìtọ̀ nù, tí wọ́n ń fọ sísọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń kó abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn gún tó fi sílẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀bólà wọ ìlú Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, ènìyàn 20 ló ní in ní Nàìjíríà, 8 sì bá a lọ. Gbogbo wa la mọ orúkọ Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tí kò gbà kí wọ́n mú aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde ní ilé ìwòsàn. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe wà lára àwọn tí àrùn náà mú. Kòkòrò àrùn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó gbé àwo èébì.

Mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìdènà àkóràn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ orúkọ kòkòrò: bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì, tí wọ́n dà kọ láti ojú pátákó. Ó dára kí wọ́n mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró ná. Bí wọ́n bá ní kí n to abala ẹ̀kọ́ yìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ń ṣe ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní á jẹ́ ti ọwọ́ fífọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta á jẹ́ ti omi Jíìkì. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, irin iṣẹ́, ìkarùn-ún, abẹ́rẹ́. Pàǹtí, aṣọ ibùsùn àti orúkọ kòkòrò á pín ọ̀sẹ̀ tó kù.

Ti ọwọ́ kò ní pẹ́ kó tó yé wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ìgbà márùn-ún tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́: kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí a tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó bíi dídi ojú egbò, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá kàn wá, lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ibùsùn tàbí nǹkan tó yí i ká. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Omi àti ọṣẹ máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Bó bá jẹ́ ọtí apakòkòrò, 20 sí 30. Kí mátírọ́ọ̀nù má wulẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu. Kó fi aṣọ di akẹ́kọ̀ọ́ lójú, kó da yíǹkì díẹ̀ sí i lọ́wọ́, kó ní kó fọ̀ ọ́ bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá tú aṣọ ojú rẹ̀, á rí i pé àtẹ́lẹwọ́ ti kún fún yíǹkì, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò, orí ìka àti àárín ìka ṣì funfun. Ibi tí yíǹkì kò dé ni ọṣẹ náà kì í dé.

Omi Jíìkì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: wọ́n á da omi sí bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ṣí ìdérí ike, wọ́n á da á títí imú á fi gbà pé ó tó. Imú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Omi tí agbára rẹ̀ kò tó pa nǹkan kan ṣì lè máa rùn. Èyí tó le jù náà burú: á máa ta ojú, á máa di àyà, á sì jẹ irin àti aṣọ.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe ni kó ka ara ike. Agbára kiloríìnì inú rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. 3.5% ló wọ́pọ̀ lára Jíìkì, ṣùgbọ́n a máa ń rí èyí tó jẹ́ 5%. Omi tí a fẹ́ fi nu ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.5%. Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ:

ìwọ̀n omi = (agbára ara ike ÷ agbára tí a fẹ́) − 1

Bí ike bá jẹ́ 3.5%, 3.5 ÷ 0.5 jẹ́ 7. Yọ 1 kúrò, ó ku 6. Agolo mílíìkì Jíìkì kan, agolo omi mẹ́fà. Bó bá jẹ́ 5%, 5 ÷ 0.5 jẹ́ 10. Yọ 1, ó ku 9. Agolo kan sí mẹ́sàn-án. Irú agolo yòówù kó jẹ́ ló lè ṣiṣẹ́, bí a kò bá ṣáà ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé ẹnì kan ti gbọ́ níbìkan pé “ọ̀kan sí mẹ́sàn-án” ni, ó sì kọ ọ́ mọ́ ògiri yàrá ìfọṣọ. Ike 5% ni ẹni tó sọ ọ́ ń lò. Bí wọ́n bá fi ike 3.5% ṣe é bẹ́ẹ̀, 0.35% ni wọ́n máa rí. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó máa fura. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìṣirò ló yẹ kí wọ́n kọ́. Èsì àkọ́sórí nìkan kò lè gba ẹni tó bá yí ike padà.

Ká wá mú ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan bímọ ní aago méjì òru, ẹ̀jẹ̀ tó tó agolo mílíìkì kan sì dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n da omi Jíìkì lé ẹ̀jẹ̀ náà lórí, kí wọ́n ti mọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa fà á lọ títí dé ẹnu ọ̀nà. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń jẹ agbára kiloríìnì tán, bẹ́ẹ̀ ni mọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ti gbé ohun tó wà lójú kan lọ sí gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ìyá tó ń kọ́ wọn á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dá àwọn ènìyàn dúró kí wọ́n má tẹ ibẹ̀. Á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, épíróònù àti bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀. Á fi àkísà tàbí bébà fa ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ, á sì kó o tààrà sínú àpò pàǹtí tó lè kó àrùn ranni. Lẹ́yìn náà ni á fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Ìgbà tí ojú ilẹ̀ bá mọ́ ni á tó da omi 0.5% sí i, á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, omi lásán ni á fi ṣan án. Á bọ́ ìbọ̀wọ́, á fọ ọwọ́, nítorí ìbọ̀wọ́ máa ń ní ihò tí ojú kò rí.

“Sístà, ṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọndandan ni? Aláìsàn mìíràn ti ń bọ̀.” Mo ti gbọ́ irú ìbéèrè yìí. Ó pọndandan. Apakòkòrò tí a nù kúrò kíákíá kò tíì ṣiṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á.

Omi tí wọ́n pò lónìí, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó lọ́la. Kí wọ́n dé e, kí wọ́n gbé e kúrò lójú oòrùn, kí wọ́n lẹ ọjọ́ àti aago mọ́ ọn lára; bó bá sì dọ̀tí kí ọjọ́ tó pé, kí wọ́n dà á nù. Wọn kò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró máa ń jáde níbẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Lórí irin iṣẹ́, ìjà díẹ̀ máa wà láàárín àgbà àti ọmọdé. Wọ́n kọ́ àwọn mátírọ́ọ̀nù wa pé kí wọ́n rẹ sísọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀jẹ̀ sínú Jíìkì kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Láti ọdún 2016, ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fara mọ́ ọn mọ́: Jíìkì ń jẹ irin, ẹ̀jẹ̀ sì ń jẹ Jíìkì. Omi ọṣẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án, kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi kó má baà ta sójú, kí wọ́n nù ún gbẹ, kó tó wọ ọ̀tọ̀kíléèfù. Níbẹ̀, ní 121°C, ìṣẹ́jú 30 ló máa lò bí wọ́n bá dì í, 20 bó bá wà lófìfo. Ìkòkò omi gbígbóná kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ abẹ́rẹ́ ní ohun kan tí a gbọ́dọ̀ ti ṣe kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B máa ń tara abẹ́rẹ́ ranni ju kòkòrò éèdì lọ dáadáa, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń gbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò. Èmi ò rò pé ó yẹ kí òbí máa dá sanwó rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó ẹ̀kọ́ ló ni í.

Ìyókù kò gùn. A kì í dé abẹ́rẹ́ padà. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń gún ọwọ́. Inú àpótí rẹ̀ ni á ti wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí àpótí bá sì kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí wọ́n dí i. Bó bá gún ni, omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni ká fi fọ̀ ọ́. Ká má fún ibẹ̀, ká má sì da Jíìkì sí i. Kí wọ́n sọ fún dókítà ní òru náà, nítorí oògùn tó ń dènà éèdì kò wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72, bó sì ti yá tó ló ti dára tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù ìbáwí kò ní sọ. Mátírọ́ọ̀nù tó bá ń pariwo mọ́ ọmọ tí abẹ́rẹ́ gún ló ń fi í pamọ́.

Fún ìdánwò ìkẹyìn, màá gbé ike mẹ́ta síwájú akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú agolo kan àti bókẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan jẹ́ 3.5%, ọ̀kan jẹ́ 5%, bébà ara ìkẹta ti bó. Màá ní kó po omi 0.5% nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ìkẹta po nǹkan kan, kó padà sí ọ̀sẹ̀ kejì.